Ẹ̀gbẹ́ áńtẹ́nà ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orí rẹ̀: ráútà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Yàrá tó wà lókè pálọ̀ gan-an, ibẹ̀ ni wáífáì kì í dé. Ohun tó ń ya ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lẹ́nu nìyẹn nínú ilé wọn ní Bàsírì, l'Ádó-Èkìtì. Ìsàlẹ̀ ni ráútà wọn wà, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ká ní kò sí dẹ́kìn láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè ni, tí èèyàn bá dúró ti ráútà náà tó ju bọ́ọ̀lù sókè, inú yàrá ọmọ wọn tó dàgbà jù ni bọ́ọ̀lù náà máa bọ́ sí. Síbẹ̀, ọmọ yẹn, tó ń múra ìdánwò JAMB, ní láti máa gbé fóònù rẹ̀ lọ sí yàrá àlejò ní ìpẹ̀kun òkè lọ́hùn-ún kí fídíò ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó lè máa lọ láìdúró. Yàrá tó jìnnà ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tó sún mọ́ ọn kò rí.

"Àbúrò," ni wọ́n bi mí lórí fóònù, "àbí ńṣe ló ń fò wá kọjá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí òótọ́ rárá. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo rí ohun tí bàbá àwọn ọmọ ti ṣe kí n tó dé. Áńtẹ́nà méjì ni ráútà náà ní. Wọ́n ti tẹ méjèèjì díẹ̀díẹ̀ títí orí wọn fi kọjú sí yàrá ọmọ náà gan-an, bí ọmọdé tó ń fi kànnàkànnà wo ẹyẹ lórí igi. Ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti wọ̀ ni mo ti rí irú rẹ̀, tí mi ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí pé ìrísí áńtẹ́nà fúnra rẹ̀ ló ń tan èèyàn. Ó rí bí ọ̀pá tó ní orí ṣóńṣó, ọkàn ẹni á sì sọ pé láti orí yẹn ni nǹkan ti ń tú jáde, bí iná ṣe ń ti ojú tọ́ọ̀ṣì jáde. Ibi tí èèyàn bá sì ń fẹ́ iná sí, ibẹ̀ ló máa ń kọ ojú tọ́ọ̀ṣì sí.

Áńtẹ́nà kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú ọmọ odó kan, kí ẹ gbé e nàró lórí ilẹ̀. Ẹ wá mú òṣùká, irú èyí tí a fi ń ru omi, kí ẹ ki ọmọ odó yẹn bọ ihò rẹ̀, kí ẹ sì di òṣùká náà mú sí agbedeméjì ọ̀pá. Ọmọ odó yẹn ni áńtẹ́nà, òṣùká sì ni wáífáì tó ń jáde lára rẹ̀. Ẹ wá máa fi ojú inú fẹ òṣùká yẹn títí tó fi gba gbogbo ilé. Ibi tó ti ki, tó lẹ́ran, ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá yíká, sí iwájú, sí ẹ̀yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Lókè orí ọ̀pá àti lábẹ́ ìdí rẹ̀, ihò ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ojú ihò yẹn ni wáífáì ń tín-ín-rín sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ orí áńtẹ́nà sí yàrá kan ti kọ ihò òṣùká sí i. Yàrá tó bá fẹ́ kí ó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀gbẹ́ áńtẹ́nà ni kó kọ sí i.

Èyí náà ló fà á tí áńtẹ́nà tó nàró fi dára gan-an fún ilé onípẹpẹ kan, irú ilé bọ́ọ̀gálò tó gùn lọ gbọọrọ. Òṣùká rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ káàkiri gbogbo yàrá tó wà lórí ilẹ̀ kan náà. Nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìjọ̀ngbọ̀n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ráútà bá wà nísàlẹ̀ tí yàrá wà lókè rẹ̀, tàbí tí ó wà lókè tí yàrá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun kan náà ni méjèèjì, torí pé ihò òṣùká kò yan òkè láàyò ju ìsàlẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ẹ̀gbọ́n mi ṣírò rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa dà bí àlọ́. Láti ibi tí ráútà wà dé ibi tí ọmọ náà máa ń mú fóònù rẹ̀ dání lórí bẹ́ẹ̀dì lókè, ó tó mítà 2.7 sókè. Bẹ́ẹ̀dì náà kò ju mítà 1 lọ sí ẹ̀gbẹ́ ráútà. Tí ẹ bá fa ìlà láti ara ráútà lọ sí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìlà náà á fi nǹkan bí 70° gbéra kúrò ní ilẹ̀. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òkè gangan. Yàrá àlejò ńkọ́? Gíga rẹ̀ kò yàtọ̀, àmọ́ mítà 6 ni ó fi jìnnà sí ẹ̀gbẹ́. Ìlà tirẹ̀ kò gbéra ju nǹkan bí 24° lọ.

Ká mú irú áńtẹ́nà tó rọrùn jù, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì ìgbì rédíò tó ń gbé jáde, ká sì gbé e nàró. Ní 24°, agbára tó ń tú jáde ṣì tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ tààrà. Ní 70°, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́tàlá. Mi ò tíì mẹ́nu kan dẹ́kìn rárá o, igun nìkan ni mo ń sọ. Bí a bá tilẹ̀ yọ ti jíjìnnà kúrò, pé yàrá àlejò ju ìlọ́po méjì lọ ní jíjìnnà sí ráútà, yàrá àlejò ṣì ń rí jù. Ẹ wá fi kún un pé ẹ̀gbẹ́ yàrá àlejò yẹn ni àtẹ̀gùn wọn gbà lọ sókè, tí wáífáì sì ń gba ojú àtẹ̀gùn gòkè bí ẹ̀fúùfù láìkan dẹ́kìn. Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣàwàdà. Ó ń fò wọ́n kọjá lóòótọ́.

Ibí yìí ni màá ti bá àwọn tó ń ra áńtẹ́nà gígùn lọ́jà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lára páálí rẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tó ní dBi lẹ́gbẹ̀ẹ́: 2, 5, 9. Ẹni tó ń tà á á sọ pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló lágbára jù. Áńtẹ́nà kì í dá agbára sílẹ̀, ó kàn ń pín èyí tí ráútà bá gbé fún un ni. Nígbà tí nọ́ńbà yẹn bá ga, ńṣe ló dà bí òṣùká tí ẹrù wúwo tẹ̀ tí ó di pẹlẹbẹ. Ó fẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tín-ín-rín sí i lókè àti nísàlẹ̀. Fún ẹni tí ilé rẹ̀ gùn lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, ó lè ràn án lọ́wọ́. Fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo áńtẹ́nà rẹ̀ nàró, owó ni èèyàn fi ra àìrí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún yàrá òkè.

Ó dáa, kí ni a wá ṣe?

A fi áńtẹ́nà kan sílẹ̀ kó nàró, a sì tẹ́ ìkejì sílẹ̀ gbalaja. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá tẹ́ ọmọ odó sílẹ̀, òṣùká ara rẹ̀ á dìde dúró bíi táyà kẹ̀kẹ́. Apá kan táyà yẹn á wà lókè, apá kan á wà nísàlẹ̀, ìyókù á wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Yàrá tó wà lókè ráútà gan-an ti bọ́ kúrò lójú ihò, ó ti dé ibi tó ki. Èyí tó nàró á máa bójú tó ìsàlẹ̀, èyí tó dùbúlẹ̀ á máa bójú tó òkè. Tí ráútà bá wà lókè tó jẹ́ pé yàrá ìsàlẹ̀ ni kò rí, ẹ má wulẹ̀ yí áńtẹ́nà kó máa wo ilẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ bákan náà, nítorí táyà yẹn kan ilẹ̀ bó ṣe kan àjà.

Àmọ́ áńtẹ́nà tó dùbúlẹ̀ náà ní ihò tirẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í ṣe sì nìyí. Ihò yẹn ti kúrò lókè, ó ti wà ní ìpẹ̀kun áńtẹ́nà méjèèjì, níhà orí àti níhà ìdí. Ẹ gbọ́dọ̀ yan ibi tí ẹ máa dojú ihò méjèèjì kọ. Ẹ wo àyíká ráútà yín, kí ẹ bi ara yín pé apá ibo nínú ilé yìí ni kò sẹ́ni tó ń lo fóònù. Nílé ẹ̀gbọ́n mi, òpópónà ló wà níwájú, yàrá ẹrù tí wọ́n ń kó àpò gààrí àti jẹnẹrétọ̀ sí ló sì wà ní òdìkejì rẹ̀ lẹ́yìn. Ìlà yẹn gan-an la tẹ́ áńtẹ́nà sí, orí sí òpópónà, ìdí sí yàrá ẹrù. Àpò gààrí kì í wo fídíò. Ká ní a tẹ́ ẹ dábùú ìlà yẹn ni, orí rẹ̀ á máa wo ilé ìdáná, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń wo ètò sísè lórí tábúlẹ́ẹ̀tì.

Tí áńtẹ́nà bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ fi ọ̀kan nàró, ẹ tẹ́ ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí ìkẹta dá sí àárín, ní 45°. Mẹ́rin? Méjì nàró, méjì dùbúlẹ̀. Mi ò ní lọ jìnnà lórí ìyẹn.

Àǹfààní kan tún wà nínú kí áńtẹ́nà má dojú kọ ibì kan náà, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú òṣùká. Bí áńtẹ́nà bá nàró, ìgbì rédíò rẹ̀ ń mì sókè-sódò. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ó ń mì sí ẹ̀gbẹ́. Áńtẹ́nà tó wà nínú fóònù náà ní ọ̀nà tí òun fẹ́ràn láti gbà gbọ́ ọ, ọ̀nà yẹn sì ń yí padà bí ẹ bá gbé fóònù dúró, tàbí tí ẹ bá dà á dùbúlẹ̀ láti wo fíìmù. Tí áńtẹ́nà ráútà méjèèjì bá nàró, fóònù tó dùbúlẹ̀ lè pàdánù púpọ̀. Tí ọ̀kan bá nàró tí ọ̀kan dùbúlẹ̀, ìgbàkigbà ni fóònù á rí ọ̀kan tó bá a mu. Ògiri inú ilé máa ń da ìgbì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, torí náà ìyàtọ̀ yẹn kì í le tó bó ṣe rí nínú pápá gbalasa.

Kí ẹ má fi ojú wo igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń hàn lókè fóònù ṣe ìdájọ́. Igi yẹn kò sọ òótọ́ tó. Ẹ gba áàpù kan tó ń wọn wáífáì sórí fóònù Andirọ́ọ̀dù, ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, yóò sì fi nọ́ńbà hàn yín tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, bíi -64 dBm. Ẹ kà á bí ẹni ń ka gbèsè: ẹni tó jẹ 50 sàn ju ẹni tó jẹ 80 lọ. -50 dára gan-an. Bó bá wà ní -67 tàbí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìpè fídíò á máa lọ geere. Tó bá ti ń lé -75, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri, kò sì ní pẹ́ tí á fi já. Bí gbèsè náà bá fi 3 lé, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ yín ti dín sí ìdajì. Bó bá fi 10 lé, ó ti dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà Windows kò nílò áàpù kankan. Kó ṣí Command Prompt, kó tẹ èyí:

```
netsh wlan show interfaces
```

Kó wá wo ìlà tó ní `Signal`, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyẹn máa ń fi hàn.

Ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n o. Nọ́ńbà yẹn máa ń jó. Bí ẹ bá kàn yíjú padà tí ara yín sì dí fóònù mọ́ ráútà lójú, ó lè já ní 3 tàbí 5, ẹ ó sì rò pé áńtẹ́nà ló fà á. Ibì kan náà ni kí ẹ máa dúró sí, kí ẹ máa mú fóònù lọ́nà kan náà, kí ilẹ̀kùn wà ní títì tàbí ní ṣíṣí bákan náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá yí áńtẹ́nà, ẹ ní sùúrù fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ ka nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú ti àárín. Kí ẹ sì rí i pé fóònù kò fo láti 5GHz sórí 2.4GHz, ọ̀nà méjì tí ráútà ń gbé wáífáì gbà, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, torí pé 2.4GHz máa ń wọ inú sìmẹ́ǹtì ju 5GHz lọ, nọ́ńbà rẹ̀ á sì sàn láìjẹ́ pé áńtẹ́nà ṣe nǹkan kan.

Bí a ṣe ṣe é ní Bàsírì lọ́jọ́ náà nìyí, orí 5GHz ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà wà lókè, ó ń ké nọ́ńbà wá sísàlẹ̀ láti ojú àtẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n mi ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó kan. Bí áńtẹ́nà méjèèjì ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí orí wọn ń wo yàrá òkè, ó jẹ́ -76 nínú yàrá ọmọ, -70 nínú yàrá àlejò, -60 nínú ilé ìdáná. A tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ bí mo ṣe sọ. Yàrá ọmọ bọ́ sí -68. Yàrá àlejò di -71, ilé ìdáná di -62. Ẹ rí i pé kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀: àwọn yàrá tó kù san díẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ohun tí ilé ìdáná pàdánù kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni máa mọ̀ lára.

Bàbá àwọn ọmọ, tí wọ́n ti dákẹ́ látìgbà tí mo ti tú iṣẹ́ wọn, ní, "Tẹlifíṣọ̀n tó dí i lójú yẹn ńkọ́?" Òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ńlá jẹ́ irin lọ́pọ̀ ìgbà, irin a sì máa dá wáífáì padà bí dígí ṣe ń dá iná padà. A gbé ráútà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sórí sẹ́ẹ̀fù kan ní nǹkan bí mítà 2 sí apá ibi tí àtẹ̀gùn wà. Nísinsìnyí, bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà kò sí lókè ráútà gan-an mọ́, ó ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ìlà rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 42°, àtẹ̀gùn náà sì ti sún mọ́ ọn. Nọ́ńbà ọmọ di -64, ti àlejò di -66, ti ilé ìdáná di -63. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé gbígbé ráútà kúrò níbi tí kò dára ran yàrá òkè méjèèjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ilé ìdáná sì pàdánù 1 péré, nígbà tó jẹ́ pé yíyí áńtẹ́nà ń gba ti Pétérù fún Pọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá lè ṣe méjèèjì, ipò ráútà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan áńtẹ́nà. Àwa ṣe é sódì lọ́jọ́ náà torí pé mo fẹ́ fi ti igun hàn wọ́n lọ́tọ̀.

Nígbà tí mo bá sọ "nàró", ilẹ̀ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ara ráútà. Àwọn kan máa ń fi ìṣó kan ráútà mọ́ ògiri, tí ikùn rẹ̀ á sì kọjú síta. Áńtẹ́nà tí wọ́n gbé dúró lára ráútà náà á wá máa yọ síta láti ara ògiri bíi kọ́ọ́kì aṣọ. Ní ti ilé, ó ti dùbúlẹ̀ nìyẹn, ihò òṣùká rẹ̀ sì ti dojú kọ àárín pálọ̀ níbi tí gbogbo èèyàn jókòó sí. Ẹ gbàgbé bí ráútà ṣe rí, ẹ wo ọ̀pá náà àti ilẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí n kìlọ̀ nípa rẹ̀, torí pé ó gba ìrọ̀lẹ́ odidi kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀yẹ́. Ráútà onísíìmù ni tirẹ̀, irú èyí tí a ń ki síìmù bọ̀ tó sì ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ara òpó. Ó yí áńtẹ́nà méjèèjì sọ́tùn-ún, ó yí wọn sósì, ó tẹ́ wọn, ó gbé wọn, yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀. Nígbà tí mo yí ráútà náà padà, mo rí `LTE` tí wọ́n kọ sí ìdí áńtẹ́nà méjèèjì. Wọn kì í ṣe ti wáífáì rárá. Òpó ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ti wáífáì wà nínú ike ráútà, kò sì sí ọwọ́ tó lè kàn án. Lára ọ̀pọ̀ ráútà onísíìmù ni irú èyí wà, torí náà ẹ kọ́kọ́ wádìí. Tí kò bá sí àkọlé lára rẹ̀, ẹ wọ ojú ewé ìṣàkóso ráútà náà nínú búráúsà, ní `192.168.8.1` tàbí `192.168.1.1` tàbí èyí tí wọ́n bá kọ sí abẹ́ ráútà, kí ẹ wá ibi tí `RSRP` wà, nọ́ńbà tó ń fi bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òpó ṣe lágbára tó hàn. Ẹ yí áńtẹ́nà. Tí RSRP bá yí padà tí dBm wáífáì lórí fóònù kò sì yí, ti òpó ni.

Fún irú áńtẹ́nà yẹn, ibi tí RSRP bá ti sún mọ́ òdo jù ni kí ẹ fi í sí, ẹ má da ara yín láàmú nítorí yàrá òkè àti ìsàlẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ olókè ni tiwa, òkè kan ṣoṣo láàárín ilé yín àti òpó lè mú kó jẹ́ pé ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan ni ráútà ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi. Fèrèsé yẹn kì í ṣe àárín ilé. Ẹ ó ti wáífáì ìsàlẹ̀ pa kí ẹ lè rí òpó. Ọ̀rẹ́ mi fi ráútà rẹ̀ sílẹ̀ lójú fèrèsé, ó fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba ojú àtẹ̀gùn wá sísàlẹ̀, ó sì so ráútà àtijọ́ kan mọ́ ìdí rẹ̀ láti máa pín wáífáì fún àwọn yàrá ìsàlẹ̀. Wáyà yẹn kì í ṣàárẹ̀ títí tí ó fi pé 100 mítà, kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa.

Irú wáyà bẹ́ẹ̀ náà ni ìdáhùn tí igun bá kùnà. Dẹ́kìn wa kì í ṣe pákó. Sìmẹ́ǹtì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ni lọ́pọ̀ ilé, pẹ̀lú irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n hun sínú rẹ̀ bí àwọ̀n. Yíyí áńtẹ́nà kò lè lu ihò sí i lára. Ohun tó lè ṣe ni pé kó má jẹ́ kí ihò òṣùká tún wà lórí dẹ́kìn tó ti jẹ́ ìṣòro tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti tún ipò ráútà ṣe, tí ẹ ti tẹ́ áńtẹ́nà kan, tí ẹ sì ti bọ́ sórí 2.4GHz, tó ṣì jẹ́ -75 tàbí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú yàrá náà, ẹ fi áńtẹ́nà sílẹ̀. Ẹ fa wáyà.

Ní Bàsírì, kò dé ibẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbọ́n mi tún pè mí: yàrá ọmọ ti padà sí bó ṣe wà. Mo ní kí wọ́n wo áńtẹ́nà fún mi. Wọ́n lọ wò ó. Ọmọ kékeré tó ń fi aṣọ nu eruku ti gbé èyí tó dùbúlẹ̀ dìde, ó tò ó pọ̀ mọ́ èkejì kí ó lè dọ́gba, kó lẹ́wà lójú. Wọ́n tẹ́ ẹ padà, wọ́n sì lọ mú kútẹ́ẹ̀sì pupa, wọ́n fi fa ìlà kan gba orí kókó rẹ̀ já sára ráútà, kí ẹni tó bá tún nu ún lè mọ ibi tó yẹ kó dá a padà sí.